Èwo ni kí a pa, èwo ni kí a jẹ́ kó dún? Àlàyé lórí ìfitónilétí orí fóònù

Ẹ̀dùn ọkàn méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní Àkúrẹ́ nípa fóònù, ọ̀kan sì tako èkejì. Àwọn kan ń sọ pé fóònù àwọn kì í dákẹ́. Bí wọ́n wà nínú ìsọ̀, bí wọ́n wà nínú ìsìn, bí wọ́n ń gbìyànjú àti sùn, ó ń dún, ó ń gbọ̀n, ó ń tan iná. Nígbà tí wọ́n bá sì fi gbé e wò, ìkíni òwúrọ̀ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀. Àwọn kejì ni àwọn tí ọ̀rọ̀ ariwo yìí ti sú, tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pátápátá, tí wọ́n wá ń gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ pé ilé-ìwé ọmọ ti ń pe àwọn láti òwúrọ̀ nítorí ibà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kejì yìí ló ń mú kí àwọn àkọ́kọ́ máa fara da ariwo, nítorí wọ́n gbà pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí gbogbo rẹ̀ máa dún, tàbí kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wa lè ya àwọn tó ń pè wá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó jẹ́ kí ìyá wa wọlé kí ó sì dá olùpolówó dúró. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé àwọn ìlànà náà fọ́nká sí ojú ibi púpọ̀ nínú fóònù, tí orúkọ wọn sì jọra. Èmi yóò tò ó bí ó ṣe yẹ kí a tẹ̀ lé e, láti orí èyí tó rọrùn jù lọ.

Kí ni ìfitónilétí gan-an?

Ohun méjì ni a máa ń pò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wa: ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ, owó tó wọlé, àwòrán tí ọmọ fi ránṣẹ́. Èkejì ni ariwo tí fóònù pa láti sọ fún wa pé iṣẹ́ náà ti dé. Èkejì yìí ni ìfitónilétí. Bí a bá pa ìfitónilétí, iṣẹ́ náà kò sọnù. Ó wà nínú áàpù rẹ̀, yóò sì dúró dè wá títí a ó fi ṣí i. Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ọ̀rọ̀ yóò bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́ kò ní ìdí. Ohun tí a ń pinnu kò ju pé kí fóònù pè wá nísinsìnyí, tàbí kí ó jẹ́ kí àwa fúnra wa lọ wò ó nígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀.

Ìfitónilétí náà kò sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ó lè dún, ó lè gbọ̀n, ó lè hàn lójú fóònù tí a ti tì, ó sì lè jẹ́ àmì kékeré lórí àwòrán áàpù nìkan. A lè pa dídún rẹ̀ kí a sì fi èyí tó hàn lójú sílẹ̀. Nínú fóònù Áńdíróìdì, "Silent" ni wọ́n ń pe irú èyí: ó wà nínú àkójọ nígbà tí ẹ bá fa ojú fóònù wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò pariwo. Nínú ohun tí mo ti rí, ibi "Silent" yìí ló yẹ kí èyí tó pọ̀ jù nínú ìfitónilétí wa wà, kì í ṣe ibi pípa pátápátá.

Ìbéèrè wo ni a fi ń yà wọ́n?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a máa fi orúkọ áàpù ṣe ìpinnu: "màá pa Wọ́tsáàpù, màá fi ti báǹkì sílẹ̀." Ṣùgbọ́n inú Wọ́tsáàpù kan náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ yín wà pẹ̀lú àwòrán ọjọ́ ìbí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Inú áàpù báǹkì kan náà ni owó tó wọlé wà pẹ̀lú ìpolówó ẹ̀yáwó. Ńṣe ló dà bí àgbàlá ńlá tí gbogbo àlejò ń kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo: bí a bá ti ilẹ̀kùn náà pa nítorí àwọn tó ń kiri ọjà, ẹni tó gbé ìròyìn àìsàn wá náà yóò dúró síta.

Nítorí náà, ẹni tó ń pè àti ohun tó gbé wá ni kí a wò. Ìbéèrè kan tó ti tó fún mi rèé: bí mo bá rí èyí lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, kí ni yóò bàjẹ́? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ohun kan yóò bàjẹ́ ní tòótọ́, tí a kò ní lè tún un ṣe, kí ó máa dún. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan yóò kàn dúró díẹ̀ kí a tó dá a lóhùn, kí ó dákẹ́ sínú àkójọ. Bí kò bá sí ẹni tí yóò mọ̀ rárá pé a kò rí i, kí a pa á pátápátá.

Kí a má ṣe máa fi ọkàn nìkan dáhùn, ẹ jẹ́ kí fóònù ràn yín lọ́wọ́. Áńdíróìdì 11, tó jáde ní 2020, àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ní ibì kan tó ń jẹ́ "Notification history" lábẹ́ "Settings", nínú "Notifications". Ẹ tàn án lónìí. Ní ọ̀la, ní irú àkókò kan náà, ẹ padà síbẹ̀: ẹ ó rí gbogbo ohun tó pè yín láti wákàtí mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, pẹ̀lú áàpù tó rán an àti àkókò tó wọlé. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè wákàtí mẹ́ta yẹn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu pé ohun tó ń dà wá láàmú jù kì í ṣe èyí tí a rò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Ọba

Ìyá yìí ń ta ànkárá àti léèsì ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Fóònù Áńdíróìdì ló ní lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà wà ní Ìdànrè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé ní ìlú Oǹdó. Ọjà rẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó gba Ọ̀rẹ̀, dírẹ́bà sì ni yóò pè é bí ẹrù bá ti dé gáréèjì. Ó wà nínú gúrúùpù ẹgbẹ́ aláṣọ, gúrúùpù ìjọ, gúrúùpù ẹbí, gúrúùpù àwọn tí wọ́n jọ ka ìwé, àti gúrúùpù onílé àdúgbò. Àwọn oníbàárà sì ń san owó sí àkáǹtì rẹ̀, wọn kì í mú owó wá lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ wo bí ìbéèrè náà ṣe pín wọn. Oníbàárà tó san ₦18,500 dúró síwájú rẹ̀, aṣọ wà nínú nílọ́ọ̀nù, kò sì lè lọ títí owó yóò fi wọlé. Álẹ́ẹ̀tì owó gbọ́dọ̀ dún lójú ẹsẹ̀. Ìpè láti ilé-ìwé, láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò ìyá rẹ̀ ní Ìdànrè àti láti ọ̀dọ̀ dírẹ́bà gbọ́dọ̀ dún. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kọ sí i lórí Wọ́tsáàpù pé "ṣé ẹ ní aláwọ̀ búlúù?" gbọ́dọ̀ dún lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dún lóru. Gúrúùpù ẹgbẹ́ aláṣọ ni wọ́n fi ń kéde ọjọ́ tí ọjà kò ní ṣí. Ó fẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kò pẹ́ jù fún un. Àwọn gúrúùpù yòókù lè dúró di ìgbà tó bá jókòó sílé. Eré orí fóònù tí ọmọ gbà sílẹ̀ ní àkókò ìsinmi, áàpù ìròyìn tó bá fóònù wá, àti áàpù ìtajà tó ń kéde ẹ̀dínwó, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ bí kò bá rí wọn láéláé.

Àwọn ìkẹyìn yìí ló rọrùn jù lọ láti yanjú. Nínú "Settings", lábẹ́ "Notifications", ibì kan wà tí wọ́n pè ní "App notifications". Gbogbo áàpù ni yóò tò síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bọ́tìnnì kékeré. Kí ó pa bọ́tìnnì eré, ti ìròyìn àti ti ìtajà, ó parí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá jẹ́ Áńdíróìdì 13 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e yóò tún ṣàkíyèsí pé áàpù tuntun máa ń tọrọ àyè kí ó tó lè fi ìfitónilétí ránṣẹ́. Kí ó máa dáhùn "Don't allow" fún gbogbo èyí tí kò bá ní ìdí pàtàkì.

Báwo ni a ṣe ń pa apá kan nínú áàpù kan?

Ibí ni ọ̀rọ̀ báǹkì wà. Láti orí Áńdíróìdì 8, tó jáde ní 2017, àwọn tó ń ṣe áàpù ní láti pín ìfitónilétí wọn sí ìsọ̀rí, kí ẹni tó ni fóònù lè pa ìsọ̀rí kan kí ó sì fi òmíràn sílẹ̀. Ẹ kò nílò láti wá ibi tí àwọn ìsọ̀rí náà wà. Bí ìpolówó ẹ̀yáwó bá wọlé láti inú áàpù báǹkì, ẹ má ṣe nù ún kúrò. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Yóò ṣí, yóò sì fi orúkọ ìsọ̀rí tó ti wá hàn yín, pẹ̀lú àyè láti sọ ọ́ di "Silent" tàbí láti pa á. Ìsọ̀rí yẹn nìkan ni yóò dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ka orúkọ ìsọ̀rí náà dáadáa kí ẹ tó pa á. Àwọn áàpù báǹkì kan ya ìpolówó sọ́tọ̀ kúrò lára owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Àwọn mìíràn kó gbogbo rẹ̀ sínú ìsọ̀rí kan. Bí ẹ bá rí i pé orúkọ náà kò ṣe pàtó, tí ẹ sì lọ wo ojú ewé áàpù náà tí ìsọ̀rí kan ṣoṣo wà níbẹ̀, pípa ìpolówó yóò pa álẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Nígbà náà, kí ìyá aláṣọ sọ áàpù báǹkì di "Silent", kí ó sì gbára lé àtẹ̀jíṣẹ́ tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà rẹ̀. Nínú áàpù "Messages", ó lè ṣí ọ̀rọ̀ tó wá láti orúkọ báǹkì náà, kí ó wọ inú "Details", kí ó sì fún un ní ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí yóò fi máa mọ̀ pé owó ni èyí láìgbé fóònù wò. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ẹni tó ń tajà nímọ̀ràn pé kí ó fagi lé álẹ́ẹ̀tì àtẹ̀jíṣẹ́ nítorí owó díẹ̀ tí báǹkì ń yọ lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un níhìn-ín, nítorí àwọn olè ti mọ̀ pé ohùn náà ni a ń tẹ́tí sí. Dídún álẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀rí pé owó ti wọlé. Ẹnikẹ́ni lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báǹkì ránṣẹ́. Ohùn náà wúlò láti sọ fún ìyá aláṣọ pé kí ó ṣí áàpù báǹkì rẹ̀ wò ní àkókò yẹn. Iye owó tó wà nínú àkáǹtì ni kí ó wò kí ó tó gbé aṣọ lé oníbàárà lọ́wọ́.

Gúrúùpù Wọ́tsáàpù ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sínú gúrúùpù kọ̀ọ̀kan láti pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́tsáàpù gbà wá láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí títí láé. Ó dára, ó sì ní àǹfààní kan tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀: bí ẹnì kan nínú gúrúùpù tí ẹ ti pa lẹ́nu mọ́ bá fi àmì @ pe orúkọ yín, tàbí tí ó bá fèsì sí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, Wọ́tsáàpù yóò ṣì fi tó yín létí. Ìyá aláṣọ lè wá sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ọ̀rọ̀ bá kàn mí gan-an, ẹ fi @ pe orúkọ mi."

Ṣùgbọ́n fún ẹni tó wà nínú gúrúùpù púpọ̀, tí wọ́n sì ń fi kún un lóṣooṣù láì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà kan wà tó yá ju èyí lọ. Nínú Wọ́tsáàpù fúnra rẹ̀, ẹ wọ inú "Settings", lẹ́yìn náà "Notifications". Ẹ ó rí i pé ti ọ̀rọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan wà lókè, ti gúrúùpù sì wà lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní apá ti gúrúùpù, ẹ mú ohùn, kí ẹ sì yan "None". Ẹ pa gbígbọ̀n pẹ̀lú. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo gúrúùpù, èyí tó ti wà àti èyí tí wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín sí, yóò máa wọlé láìdún, nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kan dìídì kọ sí yín yóò ṣì máa dún. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àlàyé yìí, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yìí ló ń dín ariwo kù jù lọ fún àwọn ènìyàn wa, nítorí gúrúùpù ni ariwo wa ti ń wá.

Bí gúrúùpù kan bá wà tó gbọ́dọ̀ máa dún síbẹ̀, bí i ti ẹbí nígbà tí àgbà kan wà ní ọsibítù, ẹ ṣí gúrúùpù yẹn nìkan, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, ẹ wọ "Notifications", kí ẹ sì fún un ní ohùn tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá rọlẹ̀, ẹ mú un padà.

Àwọn wo ni "Do Not Disturb" ń jẹ́ kó wọlé?

Ohun tí a ti ń sọ láti òkè wá jẹ́ ti gbogbo ọjọ́. "Do Not Disturb" jẹ́ ti àkókò: òru, ìsìn, ìpàdé. Bí ẹ bá tàn án, fóònù yóò dákẹ́ àyàfi fún àwọn tí ẹ bá fún láyè. Orúkọ àwọn tí ẹ fún láyè yìí ló ṣe pàtàkì, nítorí bí ẹ kò bá yàn wọ́n, ohun tí ẹ ṣe kò yàtọ̀ sí pípa fóònù.

Kí ìyá aláṣọ ṣí orúkọ ìyá rẹ̀, ti aládùúgbò ní Ìdànrè, ti olùtọ́jú ilé-ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Oǹdó àti ti ọkọ rẹ̀, kí ó sì tẹ àmì ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú "Do Not Disturb", lábẹ́ "Calls", kí ó yan "Starred contacts". Kí ó má ṣe yan "Contacts" lásán, nítorí gbogbo ẹni tí ó bá ní nọ́ńbà rẹ̀ nínú fóònù ni yóò wọlé. Kí ó sì rí i dájú pé gbogbo nọ́ńbà ilé-ìwé náà ló ti tọ́jú, nítorí ìràwọ̀ kò mọ ẹni tí kò sí lákọsílẹ̀.

Ẹni tí a kò mọ̀ ńkọ́, bí i nọ́ọ̀sì tó ń fi fóònù tirẹ̀ pè nípa ẹni tó ní ìjàǹbá ọkọ̀? Ìdí nìyí tí "Repeat callers" fi wà. Bí ẹ bá tàn án, tí nọ́ńbà kan náà bá pè lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Áńdíróìdì yóò jẹ́ kó dún. Ti Áífóònù kò gùn tó bẹ́ẹ̀: láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ìpè kejì gbọ́dọ̀ dé. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kánjúkánjú kì í pè lẹ́ẹ̀kan kí ó dákẹ́. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé, "Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ẹ pè mí, bí n kò bá gbé e, ẹ tún pè lójú ẹsẹ̀."

Ẹ sì tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé ìpè lásán, èyí tí a ń fi káàdì pè, ni kí wọ́n lò. Ìpè orí Wọ́tsáàpù kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀ lé ìlànà ìràwọ̀ lórí Áńdíróìdì, bí dátà yín bá sì ti tán tàbí tí ẹ ti pa á kí ó má bàa jẹ owó, kò ní wọlé rárá. Ìpè lásán kò nílò dátà. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè fi ṣeré kò yẹ kó gba ibi tó ṣeé ṣe kó tì.

Fún álẹ́ẹ̀tì owó tó bá jáde lóru, ibì kan wà nínú "Do Not Disturb" tó ń jẹ́ "Apps". Bí áàpù báǹkì bá ti ya ìpolówó sọ́tọ̀, tí ìyá aláṣọ sì ti pa ìpolówó náà, kí ó fi áàpù báǹkì síbẹ̀. Owó tó bá jáde ní aago méjì òru láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀ tó ohun tí a ń jí sí, kí ó lè ti káàdì rẹ̀ pa kí wọ́n tó yọ èyí tó kù.

Ìdí tí ìràwọ̀ fi ń kùnà nígbà mìíràn

Ẹ̀ka yìí ni mo rọ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà. Dídákẹ́ tí a fi bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù ṣe, nígbà tí a bá dín ohùn ìpè kù títí yóò fi tán, kì í ṣe "Do Not Disturb". Lórí Áńdíróìdì, bí ohùn ìpè bá ti wà ní òdo, ìràwọ̀ kò ní ohun tí yóò fi dún. Ìyá yín lè pè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò dákẹ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ẹni ọ̀wọ́n wọlé, ẹ fi ohùn ìpè sílẹ̀ lókè, kí ẹ sì jẹ́ kí "Do Not Disturb" ṣe iṣẹ́ dídákẹ́ náà. Lórí Áífóònù, ohun kan wà tó lágbára ju èyí lọ: bí ẹ bá ṣí orúkọ ẹnì kan, tí ẹ tẹ "Edit", tí ẹ wọ "Ringtone", tí ẹ sì tan "Emergency Bypass", ìpè ẹni yẹn yóò dún kódà bí fóònù bá wà ní ìdákẹ́. Ẹ má ṣe fún ẹni púpọ̀ ní irú àyè yẹn.

Ṣé "DND" ti 2442 kọ́ nìyí?

Rárá o, ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ sì ti ibí wá. Ní 2016, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, NCC, pàṣẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fún wa ní àyè láti dá àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dúró, wọ́n sì pe ètò náà ní "DND", ìkékúrú "Do Not Disturb" kan náà. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí 2442, ìpolówó yóò dúró lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì kí ó tó dé fóònù yín:

```
STOP
```

Èyí kò kan ohùn, kò kan Wọ́tsáàpù, kò sì kan àwọn tó ń pè yín. Ẹni tó bá fi "STOP" ránṣẹ́ tó wá ń retí pé kí fóònù rẹ̀ dákẹ́ lóru yóò retí títí. Ẹni tó bá sì tan "Do Not Disturb" inú fóònù yóò ṣì rí ìpolówó tò síbẹ̀ láàárọ̀. Àwọn méjèèjì wúlò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Ohun kan ló yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ti 2442. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fi kóòdù ìwọlé ránṣẹ́ gba ojú ọ̀nà tí ìpolówó ń gbà, tí nẹ́tíwọ̀kì á sì dá a dúró pẹ̀lú ìpolówó. Bí ẹ bá ń retí kóòdù tí kò dé, ẹ fi "STATUS" ránṣẹ́ sí 2442 láti mọ ipò tí ẹ wà. "ALLOW" ni yóò ṣí gbogbo rẹ̀ padà, "HELP" yóò sì fún yín ní nọ́ńbà irú ìpolówó tí ẹ lè yàn láti máa gbà. 1 ni ti báǹkì, adójútòfò àti ọ̀rọ̀ owó.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá dún, báwo ni a ṣe ń mọ ibi tó ti kùnà?

Nígbà mìíràn, a ti ṣètò gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Wọ́tsáàpù kì í dún àfi ìgbà tí a bá ṣí áàpù náà, tí gbogbo rẹ̀ á sì ya wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìfitónilétí kọ́ ló ní ẹ̀bi. Fóònù ló ń fi áàpù náà sùn láti tọ́jú bátìrì. Ó wọ́pọ̀ lórí Tecno, Infinix àti itel tí púpọ̀ nínú wa ń lò, àti lórí àwọn mìíràn tó ní áàpù tó ń "gbálẹ̀" fóònù.

Àmì tí ẹni tó kọ̀wé sí yín rí ni yóò sọ òtítọ́. Bí ó bá jẹ́ àmì ẹyọ kan ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé orí fóònù yín: bóyá dátà kò sí, bóyá nẹ́tíwọ̀kì kò dára, tàbí fóònù ti fi áàpù náà sùn. Bí ó bá rí àmì méjì, ọ̀rọ̀ náà ti dé, ohùn rẹ̀ ló dákẹ́, inú ìlànà ìfitónilétí sì ni kí ẹ ti wá ohun tó fà á. Fún ti àmì ẹyọ kan, bí dátà bá wà, ẹ wọ "Settings", "Apps", ẹ mú Wọ́tsáàpù, ẹ wọ "Battery", kí ẹ yan "Unrestricted". Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún áàpù báǹkì pẹ̀lú. Ẹ má ṣe é fún gbogbo áàpù, nítorí bátìrì yóò tètè tán.

Lẹ́yìn èyí, kí ìyá aláṣọ dán an wò kí ó tó gbára lé e. Ní alẹ́, kí ó tan "Do Not Disturb", kí ó gbé fóònù sílẹ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí pẹ̀lú ojú rẹ̀ ní pípa, kí ó sì bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó pe òun: ó yẹ kó dún. Kí ó bẹ aládùúgbò tí kò ní ìràwọ̀ pé kó pe òun lẹ́ẹ̀kan: kò yẹ kó dún. Kí aládùúgbò náà tún pè lójú ẹsẹ̀: ó yẹ kó dún. Kí ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ sínú gúrúùpù ẹbí: kò yẹ kó dún. Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti pa "Do Not Disturb", kí ó fi owó kékeré ránṣẹ́ láti àkáǹtì ọkọ sí tirẹ̀, kí ó sì gbọ́ ohùn álẹ́ẹ̀tì. Bí ìpè ọkọ kò bá dún, kí ó kọ́kọ́ wo ohùn ìpè kí ó tó wo ìràwọ̀, nítorí ibẹ̀ ló sábà máa ń wà. Kí ó sì tún gbogbo ìdánwò náà ṣe nígbàkígbà tí fóònù bá gba àtúnṣe tuntun láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, tàbí tí ó bá pààrọ̀ fóònù, nítorí irú àwọn ìgbà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlànà yìí máa ń yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.